Mútúà fọ́ǹdì àbí ETF: èwo ló yẹ ẹni tó ń fi dọ́là 400 pamọ́ lóṣooṣù?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Húsítọ̀n, mo sì fẹ́ máa fi dọ́là 400 pamọ́ lóṣooṣù fún nǹkan bí ogún ọdún. Ọ̀gbẹ́ni kan ní báńkì mi ní kí n ra mútúà fọ́ǹdì tí àwọn ń tà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ETF ni kí n rà, pé ayé mútúà fọ́ǹdì ti kọjá. Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an, èwo ló sì yẹ irú mi?*

Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan ní báńkì yẹn. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín pé kí ẹ má ra ti báńkì dáa, àmọ́ ìdí tó fi gbà yín nímọ̀ràn náà kò tọ̀nà tán. Àpò owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn da owó wọn pọ̀ sí láti fi ra ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ni méjèèjì, ETF sì ni irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ìpín. Mútúà fọ́ǹdì wà tó dáa fún yín gan-an, ETF sì wà tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn. Owó tí wọ́n máa yọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti owó tí wọ́n máa ń yọ lọ́dọọdún ló máa pinnu iye tí ẹ máa bá níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan péré, ká sì wò ó tinútẹ̀yìn.

Àpò owó kan wà tí ilé iṣẹ́ Vanguard dá sílẹ̀ ní 1976. Ohun tí àpò náà ń ṣe kò ju pé kó máa ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà nínú S&P 500, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe tóbi tó. Kò sí ọ̀gá kan tó jókòó tó ń fi ọgbọ́n orí yan èyí tó máa lówó lórí. Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà ní ìpín nínú àpò yìí lónìí. Ó lè ra VFIAX, èyí tí í ṣe mútúà fọ́ǹdì, tàbí kó ra VOO, èyí tí í ṣe ETF tí wọ́n gbé jáde ní 2010. Àpò kan náà ni, àwọn ilé iṣẹ́ kan náà ló wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn kan náà ló ń bójú tó o. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ETF ń mówó wọlé ju mútúà fọ́ǹdì lọ, ẹ bi í pé ewo nínú wọn, àti kí ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò ló ń mówó wọlé.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí ẹ ṣe ń rà á àti bí ẹ ṣe ń tà á. Tí ẹ bá ra VFIAX, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ni àpò náà ni ẹ ti rà á, ọwọ́ wọn náà ni ẹ ó sì tà á padà sí. Ẹ ó kọ iye owó tí ẹ fẹ́ fi rà á, bóyá dọ́là 400, ẹ ó sì tẹ bọ́tìnì, àmọ́ ní wákàtí yẹn, ẹ kò tíì mọ iye tí ẹyọ kan máa jẹ́. Ó dìgbà tí ọjà Niu Yọ́ọ̀kì bá pa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èyí tó jẹ́ aago mẹ́ta lọ́dọ̀ yín ní Húsítọ̀n, kí wọ́n tó ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà, kí wọ́n yọ gbèsè rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì pín ìyókù sí iye ẹyọ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Iye tó bá jáde ni ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ NAV sí. Ẹni tó fi àṣẹ ránṣẹ́ láàárọ̀ àti ẹni tó fi ránṣẹ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọjà pa, iye kan náà ni wọ́n máa san. Ẹni tó bá pẹ́ dé máa gba iye ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e.

VOO kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà ìpín ni ẹ ti máa rà á, nípasẹ̀ alágbàtà, láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán ní aago tiyín, ọwọ́ ẹlòmíì tó fẹ́ tà á ni ẹ sì ti máa gbà á. Owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìṣẹ́jú. Iye méjì ni ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ: Bid ni iye tó ga jù tí ẹnì kan ṣe tán láti rà á, Ask sì ni iye tó kéré jù tí ẹnì kan ṣe tán láti tà á. Tí ẹ bá fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀, Ask ni ẹ máa san. Tí ẹ bá fẹ́ tà á lójú ẹsẹ̀, Bid ni wọ́n máa fún yín. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lọ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó dúró lọ́jà tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà látàárọ̀ dalẹ́. Owó ni àlàfo náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé kankan tí wọ́n máa kọ ọ́ sí ránṣẹ́ sí yín.

Fún VOO, àlàfo yìí kì í sábà ju sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ lórí ohun tó ju dọ́là 500 lọ, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá wo ETF kékeré kan tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rà. Ká ní Bid rẹ̀ jẹ́ dọ́là 24.90, Ask rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 25.02. Àárín gbùngbùn wọn, tí í ṣe nǹkan bí iye tó tọ́ sí i, jẹ́ 24.96. Sẹ́ǹtì mẹ́fà ni ẹ fi san ju bó ṣe yẹ lọ lórí ẹyọ kan. Dọ́là 400 yín máa ra nǹkan bí ẹyọ mẹ́rìndínlógún, nǹkan bíi dọ́là kan ti lọ lóṣù yẹn nìyẹn, kí àpò náà tó yọ owó ìtọ́jú tirẹ̀ rárá. Oṣooṣù ni ẹ sì máa ń rà á. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń rà lóṣooṣù pé kí wọ́n sá fún ETF tí àlàfo rẹ̀ bá ti gbòòrò, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dùn tó.

Ẹ lè bi mí pé tó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn ló ń tà á fún ara wọn, kí ló ń jẹ́ kí owó ETF má jìnnà sí iye tí ohun inú rẹ̀ jẹ́ gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ oníṣòwò ńlá kan wà tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ tó ni ETF ṣe àdéhùn. Tí owó ETF bá ga ju iye ohun inú rẹ̀ lọ, wọ́n á lọ ra ìpín àwọn ilé iṣẹ́ náà lọ́jà, wọ́n á kó o fún àpò náà, wọ́n á gba ẹyọ ETF tuntun dípò rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì tà á. Títà wọn ló máa fa owó náà wálẹ̀. Tí owó ETF bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ra ETF náà lọ́jà, wọ́n á kó o padà fún àpò náà, wọ́n á sì gba ìpín àwọn ilé iṣẹ́ náà dípò rẹ̀. Èrè tiwọn wà nínú ìyàtọ̀ owó náà, àǹfààní tiyín sì ni pé owó tí ẹ san bá iye gidi mu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i tí a bá dé orí owó orí.

Ètò yìí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí ara bá tu ọjà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ba gbogbo ayé, ó lè yẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2015, nígbà tí ọjà Niu Yọ́ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ọ̀pọ̀ ìpín ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tà, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n dá títà wọn dúró. Àwọn oníṣòwò ńlá kò mọ iye tí ohun inú ETF jẹ́ mọ́, ni wọ́n bá fà sẹ́yìn. RSP, ETF kan tó ní ìpín àwọn ilé iṣẹ́ inú S&P 500 kan náà, já wálẹ̀ ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 5 ni S&P 500 fúnra rẹ̀ fi wálẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, owó rẹ̀ ti padà síbi tó yẹ. Àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ kò pàdánù nǹkan kan nínú jíjá yẹn. Àwọn tó ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí alágbàtà tà á ní iyekíye tó bá ti já dé ibì kan ni wọ́n ta ohun tiwọn ní ìdajì owó, wọn kò sì rí i gbà padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò pọ̀. Tí ẹ bá máa fi ọwọ́ ara yín ra ETF, ẹ má ṣe rà á ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ tí ọjà ṣí tàbí ní ìṣẹ́jú mélòó kan tó kù kó pa. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti ní kí ẹ yan irú àṣẹ, ẹ yan `limit`, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ kò ní kọjá síbẹ̀, ẹ má yan `market`, tó máa rà á ní iyekíye tó bá wà lọ́jà. Ẹni tó ń ra mútúà fọ́ǹdì kò ní ìyọnu yìí rárá, nítorí kò sí ẹni tó lè ta ẹyọ kan fún un ju NAV ọjọ́ náà lọ, àfi tí owó ìwọlé bá wà lórí rẹ̀.

Nǹkan kékeré mìíràn wà tó ń ni ẹni tó ń rà lóṣooṣù lára. Ẹyọ VOO kan ju dọ́là 500 lọ, ẹ̀yin sì ní dọ́là 400. Tí alágbàtà yín kò bá gbà kí ẹ ra ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin ẹyọ, dọ́là 400 àkọ́kọ́ máa kàn jókòó ni títí oṣù kejì yóò fi dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ra ẹyọ kan, èyí tó ṣẹ́kù máa tún jókòó. Vanguard gbà kí èèyàn ra ìdá díẹ̀ nínú ETF tiwọn, àwọn alágbàtà mìíràn náà sì gbà á, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣí àkáǹtì. Mútúà fọ́ǹdì ní tirẹ̀ máa gba dọ́là 400 yín tán pátápátá, yóò sì fún yín ní iye ẹyọ tó bá jẹ́, pẹ̀lú èyí tó lé díẹ̀. Àmọ́ òun náà ní ìdènà tirẹ̀. VFIAX kò jẹ́ kí ẹ wọlé láìní dọ́là 3,000 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. FXAIX, tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ Fidelity, tí òun náà ń tẹ̀ lé S&P 500, kò bèèrè irú owó bẹ́ẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí rírà àti títà. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni báńkì yín wà.

Ọ̀pọ̀ mútúà fọ́ǹdì tí wọ́n ń tà lórí káńtà báńkì ló ní owó ìwọlé. Ẹ ó rí i nínú ìwé àlàyé àpò náà lábẹ́ `Sales charge`. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní `Class A`, ìdá 5.75 nínú ọgọ́rùn-ún ni iye tó wọ́pọ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pọ̀. Nínú dọ́là 400 yín, dọ́là 23 ti lọ kí owó náà tó wọ inú àpò. Dọ́là 377 ló máa ṣiṣẹ́ fún yín. Alájọ tó ń gba ọgọ́rùn-ún náírà lójúmọ́ ní ọjà Dùgbẹ̀, owó ọjọ́ kan ló ń mú lóṣù, kò sì pé ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Báńkì yín ń mú jù ú lọ, wọn kò sì rìn lọ sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni.

Yàtọ̀ sí èyí, owó ìtọ́jú ọdọọdún wà, tí wọ́n kọ `Expense ratio` sí. Wọn kì í fi ìwé ránṣẹ́ pé kí ẹ san án. Inú àpò náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi mọ̀ pé àwọn ń san án. Ti VOO jẹ́ ìdá 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún, ti VFIAX jẹ́ 0.04, ti FXAIX sì jẹ́ 0.015. Lórí dọ́là 10,000, dọ́là mẹ́ta lọ́dún ni VOO máa mú, VFIAX máa mú mẹ́rin. Àpò tí àwọn ọ̀gá ń fi ọgbọ́n orí yan ìpín sínú rẹ̀ lè mú 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara owó yìí ni owó kan tí wọ́n kọ `12b-1` sí, tí wọ́n fi ń san owó fún àwọn tó ń tà á. Ẹ̀yin tí wọ́n ta nǹkan náà fún lẹ tún ń san owó ọ̀yà ẹni tó tà á fún yín lọ́dọọdún.

Mo ṣe ìṣirò tiyín. Ká ní ọjà ń mú ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó ìtọ́jú. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣèlérí ìyẹn, ṣùgbọ́n iye kan náà ni mo fi wo gbogbo wọn kí àfiwé náà má bàa já. Dọ́là 400 lóṣooṣù fún ogún ọdún, tó jẹ́ dọ́là 96,000 láti àpò yín:

Nínú VOO, ó máa di nǹkan bíi dọ́là 207,600. Nínú VFIAX, nǹkan bíi dọ́là 207,400. Nínú àpò báńkì tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 5.75, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ 0.60, nǹkan bíi dọ́là 182,700.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yẹn ń sọ. Láàárín ETF àti mútúà fọ́ǹdì inú àpò kan náà, nǹkan bíi dọ́là 250 péré ni ìyàtọ̀ wọn lẹ́yìn ogún ọdún. Láàárín mútúà fọ́ǹdì kan àti mútúà fọ́ǹdì kejì, ó lé ní dọ́là 24,000. Ariyanjiyan tí ẹ ń gbọ́ láàárín báńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì kò kan ibi tí owó ti ń jò. Mo tún pín dọ́là 24,000 náà sí méjì kí n lè rí ohun tó fà á. Owó ìwọlé mú nǹkan bíi 11,000 nínú rẹ̀. Owó ìtọ́jú ọdọọdún, ìdá kékeré tí kò tilẹ̀ pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, ló mú nǹkan bíi 13,500. Èyí tó ń bani lẹ́rù lójú ìwé kọ́ ló ń jẹun jù. Ọ̀pọ̀ àwọn àpò wọ̀nyí máa ń dín owó ìwọlé kù bí owó èèyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà 11,000 yẹn lè má pé. Àmọ́ 13,500 kejì, kò sí ohun tó ń dín in kù.

Ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra tí ọ̀gbẹ́ni náà bá ní, "Ó dáa, mo ní òmíràn tí kò ní owó ìwọlé." Ó lè jẹ́ `Class C` ni. Òótọ́ ni pé kò ní yọ nǹkan kan nígbà tí ẹ bá ń wọlé, àmọ́ owó `12b-1` tirẹ̀ sábà máa ń tó ìdá kan odidi nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, lórí gbogbo owó tí ẹ ti kó jọ. Fún ẹni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ó lè burú ju `Class A` lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó orí, ibi tí ETF ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju mútúà fọ́ǹdì lọ lóòótọ́. Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ jáde nínú mútúà fọ́ǹdì lẹ́ẹ̀kan náà, ilé iṣẹ́ náà ní láti ta ìpín kó lè rí owó san fún wọn. Tí ìpín náà bá ti lówó lórí ju ìgbà tí wọ́n rà á lọ, èrè jáde, òfin Amẹ́ríkà sì ní kí wọ́n pín èrè náà fún gbogbo àwọn tó ṣẹ́kù nínú àpò, kí wọ́n sì san owó orí lé e. Ẹ lè má ta ẹyọ kan, kí ẹ sì gba ìwé owó orí. Nínú ETF, àwọn oníṣòwò ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń fi ẹyọ gba ìpín lọ. Pàṣípààrọ̀ ni, kì í ṣe títà, nítorí náà èrè kì í sábà jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021 jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú owó mọ̀. Vanguard ní oríṣi méjì nínú àwọn àpò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní Target Retirement: ọ̀kan fún gbogbo èèyàn, èkejì tí owó ìtọ́jú rẹ̀ kéré fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ní ìparí 2020, wọ́n dín owó tí ilé iṣẹ́ máa fi wọ èkejì kù láti dọ́là mílíọ̀nù 100 sí mílíọ̀nù 5. Ọ̀pọ̀ ètò ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ bá kó owó wọn kúrò nínú ti gbogbo èèyàn lọ sí ibi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àpò ti gbogbo èèyàn ta ìpín lọ rẹpẹtẹ láti san owó wọn, èrè ńlá jáde, ó sì já lé àwọn tó jókòó síbẹ̀ lórí. Àwọn tó fi àkáǹtì lásán, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ti ìfẹ̀yìntì, rà á gba owó orí tí wọn kò retí rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ SEC tó ń ṣe àbójútó ọjà ìpín kéde pé Vanguard máa san dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 106 lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ sí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ní àpò yìí nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì kò san kọ́bọ̀. Àkáǹtì tí ẹ gbé nǹkan sí ló ń pinnu bóyá àǹfààní owó orí ETF kàn yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni VFIAX, nítorí pé inú àpò kan náà ló wà pẹ̀lú VOO, ń jẹ nínú àǹfààní pàṣípààrọ̀ yẹn. Èyí kì í ṣe ti gbogbo mútúà fọ́ǹdì o.

Ó yá, ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Tí ilé ìwòsàn yín bá ní 401(k) tàbí 403(b), ìyẹn ètò ìfẹ̀yìntì tí ibi iṣẹ́ ń ṣe fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń fi owó kún tiyín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Mútúà fọ́ǹdì nìkan lẹ ṣeé ṣe kí ẹ rí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú, ẹ kàn wá èyí tó ń tẹ̀ lé ọjà tí owó ìtọ́jú rẹ̀ kéré jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, Roth IRA, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí èèyàn máa ń ṣí fúnra rẹ̀, ni mo fẹ́ kí dọ́là 400 yín wọ̀. Dọ́là 4,800 lọ́dún ni yóò jẹ́, kò sì dé dọ́là 7,000 tí ìjọba fi ṣe òdiwọ̀n fún ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ní 2025. Ẹ wò ó dájú pé owó oṣù yín kò ga kọjá èyí tí òfin gbà fún irú àkáǹtì yìí. Nínú Roth IRA, èrè tí àpò bá pín fún yín kò ní mú owó orí wá, nítorí náà ohun tí ETF fi borí jù lọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Níbẹ̀, mútúà fọ́ǹdì tó ń tẹ̀ lé ọjà, tí kò ní owó ìwọlé, tí kò sì bèèrè owó ńlá kí ẹ tó wọlé, ni mo yàn fún yín láìṣiyèméjì. Ẹ ní kí wọ́n máa fa dọ́là 400 láti àkáǹtì báńkì yín ní ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé, kí wọ́n fi rà á tán, kí wọ́n sì máa fi èrè orí ìpín ra òmíràn. Kò sí Bid, kò sí Ask, kò sí sẹ́ǹtì kan tó máa jókòó. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ òru, tí ẹ sì máa ń sùn lásìkò tí ọjà ṣí, ẹ kò nílò ohun tó fẹ́ kí ẹ jí wá wo owó rẹ̀.

Tí owó bá tún kù lẹ́yìn Roth IRA, tí ẹ sì fẹ́ fi sínú àkáǹtì lásán, ETF ni kí ẹ rà níbẹ̀, èyí tó tóbi, tí àlàfo rẹ̀ kò ju sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ, lọ́dọ̀ alágbàtà tó gbà kí ẹ ra ìdá díẹ̀ nínú ẹyọ. Ó tún rọrùn láti kó ETF láti ọ̀dọ̀ alágbàtà kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Mútúà fọ́ǹdì ilé iṣẹ́ kan tí ẹ bá lọ rà lọ́dọ̀ alágbàtà ilé iṣẹ́ mìíràn lè ná yín ní ọ̀pọ̀ dọ́là ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á. Torí náà, FXAIX lọ́dọ̀ Fidelity, VFIAX lọ́dọ̀ Vanguard, ẹ má pààrọ̀ wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka èyí wà ní Ìbàdàn àti Èkó, kí wọ́n má ṣe gbé ìdáhùn yìí lọ sọ́jà ilé bó ṣe wà. ETF wà ní NGX, ọjà ìpín Nàìjíríà, láti 2011, nígbà tí NewGold tó ń tẹ̀ lé owó wúrà wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà kò pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà, owó ETF sì lè jìnnà gan-an sí iye ohun inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo NAV tí ilé iṣẹ́ tó ni ín gbé jáde, kí ẹ fi wé owó tó ń tà lọ́jà. Tí NAV bá jẹ́ ₦100, tí ọjà sì ń bèèrè ₦130, ₦30 yẹn lè pòórá láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ kankan ṣe àìdáa. Owó alágbàtà pẹ̀lú owó àwọn aláṣẹ ọjà tún ń jáde nínú gbogbo rírà àti gbogbo títà. Ẹni tó ń fi owó kékeré pamọ́ lóṣooṣù nílé, mútúà fọ́ǹdì tí kò ní owó ìwọlé ló sàn fún un.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni báńkì yẹn, ẹ ní kó ṣí ìwé àlàyé àpò náà sí ojú ewé tí wọ́n kọ `Fees and Expenses` sí, kó sì fi ìka tọ́ka sí iye méjì fún yín: `Sales charge` àti `Expense ratio`. Tí àkọ́kọ́ kò bá jẹ́ òdo, tàbí tí èkejì bá ju 0.20 lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ ti lè fi fóònù yín ṣí Roth IRA náà kí ẹ tó délé.